Lẹ́tà ìtọrọ àyè sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti pín ìwé ìbéèrè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa tó ń kọ mẹ́múà lórí èdè àti àwùjọ ni yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Kí ìwé ìbéèrè náà tó dé ọwọ́ ọmọ kankan, lẹ́tà kan ní láti kọ́kọ́ dé orí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́tà yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Abomé-Kalafí tó fẹ́ mọ èdè tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ fi ń bá bàbá, ìyá, àbúrò àti ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ní 1965, Joshua Fishman fi í ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ kan: ta ni ń sọ èdè wo, ta ni ó ń sọ ọ́ fún, ìgbà wo ni ó ń sọ ọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ní ìdí tí a fi lè fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí ọmọ kan náà lè gbọ́ Yorùbá ti Ṣábẹ̀ẹ́, Fọ̀n, Màhí, Fúlàní àti Faransé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irú lẹ́tà tí a sábà máa ń kọ ni èyí:

"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí láti tọrọ àyè lọ́dọ̀ yín kí n lè ṣe ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, mo sì fẹ́ pín ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí mẹ́múà mi lórí èdè. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní já mi kulẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò ọ̀gá náà. Kíláàsì mélòó ni ọmọ yìí fẹ́ wọ̀? Ọjọ́ wo? Kí ni yóò bi àwọn ọmọ? Ta ló rán an wá? Bí òbí kan bá sì wá lọ́la pé wọ́n bi ọmọ òun léèrè ọ̀rọ̀ ilé òun, kí ni òun yóò fi dá a lóhùn? Lẹ́tà náà kò dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá kì í sábà sọ pé rárá sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Yóò ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò sì di oṣù tó ń bọ̀, títí àkókò ìdánwò yóò fi dé tí ilẹ̀kùn yóò ti. Nítorí náà, lẹ́tà tó dára ni èyí tí ọ̀gá lè fi han ẹlòmíràn láti fi gbèjà ara rẹ̀. Òun ló ń fi orúkọ rẹ̀ dúró fún wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀ ni àkókò. Ibí yìí ni a ti máa ń sọ ohun tí a kò wọ̀n. A ó kọ pé "ìṣẹ́jú díẹ̀" tàbí "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" nítorí pé àwa tí a kọ ìbéèrè náà lè dáhùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí a kọ́kọ́ fún ọmọ mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn jọ ti àwọn tí a fẹ́ bi, ní ibòmíràn tí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí a sì máa wo aago. Ká ní ẹni tó yára jù lo ìṣẹ́jú 11, ẹni tó pẹ́ jù sì lo ìṣẹ́jú 24. Ti ẹni tó pẹ́ jù ni kí a mú, kì í ṣe ti àárín, nítorí pé kíláàsì kò ní parí títí ẹni tó pẹ́ jù yóò fi parí. Ẹ fi ìṣẹ́jú 8 kún un fún àlàyé àti ìpínfúnni, àti ìṣẹ́jú 3 fún kíkó ìwé jọ. Ó di ìṣẹ́jú 35. Iye tí a ó kọ sínú lẹ́tà nìyẹn. Olùkọ́ tí a bá sọ fún pé ìṣẹ́jú 15 ni, tí a wá lo 35 nínú wákàtí rẹ̀, kò ní jẹ́ kí a wọ kíláàsì kejì.

Iye àwọn ọmọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nínú ìwé wa, a ó kọ pé a nílò ọmọ 120. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni ọ̀gá ń kà, kì í ka ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ pé ọmọ 30 ni a fẹ́ nínú kíláàsì tó ní ọmọ 50, ibo ni àwọn 20 tó kù yóò wà? Wọn yóò máa pariwo ní ìta, tàbí kí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń kọ̀wé kí wọ́n sì máa bá wọn dáhùn. Ó sàn kí a tọrọ kíláàsì mẹ́rin lódindi, kí gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ gba ìwé, kí a wá ṣa 120 nínú èyí tó padà bọ̀ sí ọwọ́ wa. A gbọ́dọ̀ ṣa wọ́n ní ọ̀nà tí kò sí ojúsàájú, bíi kí a fi nọ́ńbà sí wọn kí a sì fa nọ́ńbà yọ. Owó ẹ̀dà yóò pọ̀ sí i: ìwé 200 tó ní ojú ewé méjì jẹ́ ojú ewé 400, bí ọ̀kan bá sì jẹ́ fráǹkì 25, fráǹkì 10 000 nìyẹn. Ẹ wá owó náà kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Kíláàsì wo ni kí a tọrọ? Ẹ má ṣe béèrè fún tọ́ríásíẹ́mù tàbí tẹ́mínálì. Ìdánwò Bé-É-Pé-Sé àti ti Báàkì wà níwájú wọn, ọ̀gá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ wọn. Katiriẹ́mù àti sẹgọ́ńdù ló rọrùn jù, wọ́n sì dára fún iṣẹ́ wa, nítorí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra tó láti fi hàn bóyá Faransé ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọmọ bó ṣe ń dàgbà.

Ohun kejì tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀ ni ohun tí a ó béèrè, òun ló sì máa ń kó wàhálà jù. Nínú ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wa ló máa ń kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yà wo ni ọ́?" A kọ ọ́ láìro ibi, nítorí ọkàn wa wà lórí èdè. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí onírúurú ènìyàn ń gbé pọ̀, ìbéèrè náà ń dún bí ẹni pé a fẹ́ ka orí àwọn ènìyàn. Ọ̀gá tó bá rí i yóò rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀: ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lórí ètò dijítà, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá kan tó dá lórí ààbò ìwífún nípa ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sì wà lára ohun tí ó fi ọwọ́ líle mú. Ìwé tí a fi gègé kọ lónìí, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́la.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìdí tí a fi ń yọ ìbéèrè náà kúrò jẹ́ ìbẹ̀rù ọ̀gá nìkan. Ìbéèrè náà kò dára fún iṣẹ́ wa. Ẹ̀yà kò sọ èdè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìyá àgbà rẹ̀ tó ń tọ́ ọ sì ń sọ Màhí, kí ni ẹ fẹ́ kí ó kọ? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an ni: "Èdè wo ni ìyá rẹ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ nílé? Èdè wo ni o fi ń dá a lóhùn?" Ẹ pín in sí méjì báyìí, nítorí àárín ìbéèrè méjèèjì ni a ti máa ń rí ibi tí èdè ti ń yí padà. Ìyá lè sọ Yorùbá kí ọmọ fi Faransé dáhùn. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yà" kò ní fi ìyẹn hàn láéláé.

Ohun kẹta ni orúkọ. Gbogbo wa la máa ń kọ sínú lẹ́tà pé a kò ní béèrè orúkọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ìwé ìbéèrè bá béèrè ọjọ́ orí, abúlé, àti èdè ilé, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú sẹgọ́ńdù bá jẹ́ ọmọ ọdún 17 tó ń sọ Fúlàní tó sì wá láti abúlé kan báyìí, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n láìsí orúkọ. Ẹ yẹ ìbéèrè yín wò kí ẹ tó ṣe ìlérí. Èyí tí kò bá wúlò fún iṣẹ́ yín, ẹ yọ ọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, a yọ abúlé kúrò, a sì fi "ọmọ ọdún 12 sí 14" àti "ọmọ ọdún 15 sókè" rọ́pò ọjọ́ orí gan-an.

Nígbà tí a bá ti ṣe ìwọ̀nyí tán ni lẹ́tà tó ṣeé kọ. Òun nìyí. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni, nítorí náà ètò rẹ̀ ni èyí tí gbogbo wa mọ̀.

Yunifásítì Abomé-Kalafí
Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè
Ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún ............

Sí Ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì ............, Ṣábẹ̀ẹ́
Nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ: Ìtọrọ àyè láti pín ìwé ìbéèrè ní kíláàsì mẹ́rin

Ọ̀gá wa,

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́dọ̀ yín láti pín ìwé ìbéèrè kan ní kíláàsì mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, katiriẹ́mù méjì àti sẹgọ́ńdù méjì, láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 13 oṣù kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní ẹ̀ka wa. Ọ̀mọ̀wé ............ ló ń darí iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ náà dá lórí èdè tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń sọ nílé, láàárín ọ̀rẹ́ àti ní ọjà. Kò kan ìmọ̀ tàbí máàkì ọmọ kankan, kò sì kan iṣẹ́ olùkọ́ kankan.

Ìṣẹ́jú 35 ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ni ẹ ó yan ọjọ́ àti wákàtí tí kò ní dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni n ó pín ìwé, tí n ó ṣàlàyé, tí n ó sì kó wọn jọ. Ìbéèrè 18 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ìbéèrè lórí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí owó òbí, a kò sì ní béèrè orúkọ. Ọmọ tí kò bá fẹ́ dáhùn lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

Bí ẹ bá gbà, n ó fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kópa yóò fọwọ́ sí i, yóò sì dá a padà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ má ṣe wo ìdáhùn àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, n ó mú àbájáde rẹ̀ wá fún yín ní ojú ewé kan.

Mo fi ìwé ìbéèrè náà, ìwé àwọn òbí, àti ìwé ẹ̀rí láti ẹ̀ka wa kún lẹ́tà yìí. N ó padà wá gbọ́ èsì yín ní ọjọ́ 14 oṣù yìí.

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá wa.

(Ìbọwọ́lùwé, orúkọ, nọ́ńbà tẹlifóònù)

Ẹ wò ó pé ohun tí a ń tọrọ wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá yí i sí Faransé, tí í ṣe èdè ìjọba tí ọ̀gá yóò kà á sí, ọwọ́ yín yóò fẹ́ máa kọ gbólóhùn ọlá àti ìtẹríba tí gbogbo wa kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kọ ọ́, wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹyọ kan, kí "kíláàsì mẹ́rin" wà nínú gbólóhùn kan náà. Mo ti ka lẹ́tà tó ní ìlà mẹ́fà ìkíni kí a tó mọ ohun tí oníwèé ń wá. Ní Yorùbá, "ẹ" àti "yín" ti gbé ọ̀wọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò nílò láti máa dọ̀bálẹ̀ ní gbogbo ìlà.

"Nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka" kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló fi hàn pé yunifásítì mọ̀ pé o ń lọ. Kí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i kí ó sì lu òǹtẹ̀ kí lẹ́tà tó kúrò ní Kalafí. Bí ó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ fẹ́ dé, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ẹkùn náà, kí ẹ fi ẹ̀dà èsì wọn kún lẹ́tà ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Kódà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, ọ̀gá lè sọ pé àfi kí òun rí i.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Ẹ fún akọ̀wé ní ọ̀kan, kí ó lu òǹtẹ̀ kí ó sì kọ déètì sí èkejì, kí ẹ mú un padà sílé. Láìsí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn, nígbà tí ẹ bá padà lọ tí wọ́n sọ pé àwọn kò rí lẹ́tà kankan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Gbólóhùn tó kan olùkọ́ nínú lẹ́tà náà lè dà bí ohun kékeré. Òun ni mo kà sí pàtàkì jù fún òtítọ́ ìdáhùn. Àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú wa rántí ohun tí wọ́n ń pè ní sínyáàlì: nǹkan kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ tó sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, tí yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí a kò ti ń so nǹkan mọ́ ọrùn mọ́, ọmọ ṣì lè mọ èdè tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Bí olùkọ́ bá ń rìn kọjá láàárín bẹ́ǹṣì, "Faransé" yóò pọ̀ lórí ìwé ju bó ṣe pọ̀ lẹ́nu lọ. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè kan sí ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Èdè wo ni o fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀?", kí ẹ sì fi èyí sí ìparí: "Èdè wo ni o fi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìyá rẹ kí o tó kúrò nílé lónìí?" Bí ọ̀pọ̀ ìdáhùn nínú kíláàsì kan bá jẹ́ Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì di Yorùbá tàbí Fọ̀n ní ìparí, ẹ mọ̀ pé ìdáhùn ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ojú ayé.

Àyè tí ọ̀gá fún wa kì í ṣe ìfọwọ́sí àwọn ọmọ. Ọ̀gá lè ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì, kò lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà pé ọmọ lè fi ìwé sílẹ̀, kí a tún un sọ fún àwọn ọmọ fúnra wọn, ní èdè tó yé wọn jù, kí olùkọ́ sì gbọ́. Bí ìwé òfìfo bá wà nínú ohun tí a kó jọ, kí a kà á, kí a kọ iye rẹ̀ sínú mẹ́múà. Ìwé àwọn òbí náà, ẹ má jẹ́ kí ó ju ìlà márùn-ún lọ, nítorí ní ilé púpọ̀, ọmọ náà ni yóò kà á sókè fún ìyá rẹ̀.

Èsì ọ̀gá kì í sábà rí bí a ṣe tọrọ rẹ̀. Ká ní ó fún wa ní katiriẹ́mù méjì àti sẹgọ́ńdù kan, ó sì ní kí a wá ní wákàtí tó gbẹ̀yìn ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Ẹ má ṣe lọ bá olùkọ́ sẹgọ́ńdù kejì lẹ́yìn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iye yín ti yí padà: ọgbọ̀n ìwé láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan kò jẹ́ 120 mọ́, 90 ni, ọgọ́ta nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ọmọ kékeré. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó ka Faransé, ohùn katiriẹ́mù yóò bo ti sẹgọ́ńdù mọ́lẹ̀. Ẹ ka kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tàbí kí ẹ mú ìwé 45 láti sẹgọ́ńdù kan náà bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú 45 láti inú katiriẹ́mù méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sínú orí tó dá lórí ọ̀nà ìwádìí pé kíláàsì mẹ́rin ni ẹ tọrọ, mẹ́ta ni ẹ rí gbà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà olóǹtẹ̀ náà àti èsì ọ̀gá sí ẹ̀yìn mẹ́múà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà rẹ́.